Ìyàtọ̀ Tí Ìṣirò Rí àti Ìyàtọ̀ Tí Àgbẹ̀ Máa Rí Jẹ

Gbólóhùn kan wà tí kì í pẹ́ yọjú ní orí ìjíròrò nínú iṣẹ́ ìwádìí lórí ọ̀gbìn: «Ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì wà láàárín ìsọ̀rí méjèèjì (p < 0.05). Nítorí náà, a gba àwọn àgbẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa lo ọ̀nà tuntun yìí.» Apá àkọ́kọ́ gbólóhùn náà ti inú ìṣirò wá. Apá kejì, ìyẹn ìmọ̀ràn, kò ti inú ìṣirò wá rárá. Ẹni tó kọ ọ́ rò pé «nítorí náà» ti so méjèèjì pọ̀, àmọ́ ohun tó yẹ kó so wọ́n pọ̀ kò sí níbẹ̀: kò sọ bí ìyàtọ̀ náà ṣe tóbi tó, kò sì sọ bí ó ṣe yẹ kó tóbi tó kí ó tó lè ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní.

Àwa tí a wà ní ìwọ̀-oòrùn Kogi mọ ẹni tí irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ máa balẹ̀ sí lórí. Àgbẹ̀ oníṣu ni, ní Bùnú, ní Ìjùmú tàbí ní Yàgbà, ẹni tó máa fowó ara rẹ̀ ra ohun tí ìwé náà ní kó rà. Nítorí náà, iṣu ni màá fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ yìí kì í ṣe èsì ìwádìí kankan. Èmi ni mo to wọ́n jọ kí ìṣirò wọn lè rọrùn láti tẹ̀ lé, iye owó tó wà níbẹ̀ náà sì rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé àgbẹ̀ 900 ló kópa. Wọ́n pín wọn sí méjì láìmọ ẹni tó máa bọ́ síbo. Àwọn 450 gbin iṣu wọn bí wọ́n ṣe máa ń gbìn ín, àwọn 450 yòókù fi ajílẹ̀ òyìnbó sí ebè wọn. Nígbà ìkórè, wọ́n wọn iṣu gbogbo ebè tó wà nínú ìwádìí náà, wọ́n sì fi ìwọ̀n àárín kan ṣoṣo dúró fún oko kọ̀ọ̀kan. Ní oko àwọn tí kò lo ajílẹ̀, ebè kan mú kílò 2.40 wá ní ìwọ̀n àárín. Ní oko àwọn tó lò ó, kílò 2.50 ni. Oko kan sì yàtọ̀ sí èkejì gan-an nínú ìsọ̀rí méjèèjì, torí ilẹ̀ ò dọ́gba, òjò ò dọ́gba, ọwọ́ àgbẹ̀ náà ò sì dọ́gba. Ìtànká àwọn oko náà, ìyẹn bí oko kan ṣe sábà máa ń jìnnà sí ìwọ̀n àárín tó, jẹ́ kílò 0.60.

Ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ kílò 0.10. Ìṣirò sọ pé p = 0.013. Ní èdè tó yéni, bí ajílẹ̀ náà kò bá ní ipa kankan rárá, bóyá ìgbà 13 péré nínú 1,000 irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ la máa rí ìyàtọ̀ tó tó èyí tàbí tó jù ú lọ. Ìyẹn nìkan ni iye p sọ. Kò sọ pé kílò 0.10 pọ̀, kò sì sọ pé ó kéré. Ajá tó gbó lẹ́yìnkùlé ti sọ fún wa pé nǹkan wà níbẹ̀, àmọ́ gbígbó rẹ̀ kò sọ bóyá olè ni tàbí alángbá.

Ó yẹ ká mọ ìdí tí iye p kò fi lè sọ bí ìyàtọ̀ ṣe tóbi tó. Nǹkan mẹ́ta ló ń pinnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: bí ìyàtọ̀ náà ṣe tóbi tó, bí àwọn oko ṣe tàn ká tó, àti iye oko tí a wọ̀n. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ń jáde, kò sì sí bí ẹni tó ń kà á ṣe máa mọ èyí tó gbé e wá nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ fi kílò 0.10 àti ìtànká 0.60 yẹn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, kí ẹ wá yí iye àgbẹ̀ nìkan padà. Bí àgbẹ̀ 50 bá wà nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, p máa jẹ́ nǹkan bíi 0.41, akẹ́kọ̀ọ́ á sì kọ ọ́ pé ajílẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá jẹ́ 450, p di 0.013, ajílẹ̀ ti ṣiṣẹ́ nìyẹn. Bí wọ́n bá jẹ́ 2,000, p á rẹlẹ̀ ju 0.001 lọ, wọn á sì kọ ọ́ pé ìyàtọ̀ náà ṣe pàtàkì gidigidi. Kílò 0.10 kan náà ni nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iṣu kankan kò wúwo sí i. Àwa la wọn oko púpọ̀ sí i.

R. A. Fisher, ẹni tó mú kí 0.05 gbajúmọ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1925, ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní ibùdó ìwádìí ọ̀gbìn tó wà ní Rothamsted nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àmì tó rọrùn láti lò ló fi 0.05 ṣe, kó lè mọ èsì tó yẹ kó tún padà yẹ̀ wò. Ní 2016, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò dátà ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì sọ ọ́ gbangba níbẹ̀ pé iye p kì í ṣe òṣùwọ̀n bí ipa nǹkan ṣe tóbi tó, kì í sì í ṣe òṣùwọ̀n bí èsì ṣe wúlò tó.

Kí ló wá ń sọ bó ṣe tóbi tó? Ààlà ìdánilójú 95% ni, ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì ń fò kọjá nìyẹn lójú SPSS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò. Bí ẹ bá ṣe àyẹ̀wò `Independent-Samples T Test`, ojú gbogbo ènìyàn máa ń lọ tààrà sí `Sig. (2-tailed)`, èyí tí SPSS tuntun ń pè ní `Two-Sided p`. Nínú àtẹ kan náà, ẹ wo `Mean Difference`, kí ẹ sì wo apá ọ̀tún pátápátá níbi tí wọ́n kọ `95% Confidence Interval of the Difference` sí. Nọ́ńbà méjì ló wà níbẹ̀, `Lower` àti `Upper`. Àwọn ni orí ìjíròrò nílò jù. Bó bá jẹ́ pé ìwọ̀n àárín, ìtànká àti iye oko nìkan lẹ ní, bí irú èyí tí a sábà máa ń bá nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn, ìlà mẹ́ta ti tó nínú R:

```r
d  <- 2.50 - 2.40
se <- 0.60 * sqrt(1/450 + 1/450)
d + c(-1, 1) * qt(0.975, 898) * se
```

Ohun tó máa jáde jẹ́ nǹkan bíi 0.02 àti 0.18. Ìyẹn ni pé bí a bá gba ètò ìwádìí náà gbọ́, ibi tí àǹfààní ajílẹ̀ yìí lè wà, ní ìwọ̀n àárín, bẹ̀rẹ̀ láti kílò 0.02 lórí ebè kan títí dé kílò 0.18. Ẹ má ṣe kọ ọ́ pé àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa rí 0.02 sí 0.18. Ìwọ̀n àárín ni ààlà náà ń sọ. Oko kan sí èkejì ṣì ń fi kílò 0.60 tàn ká, ẹlòmíràn sì lè lo ajílẹ̀ kí iṣu rẹ̀ má tó ti aládùúgbò rẹ̀ tí kò lò ó.

Ibi tí iṣẹ́ gidi ti bẹ̀rẹ̀ la dé yìí, kò sì sí SPSS tàbí R tó lè bá wa ṣe é. A gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ tó kéré jù tó ṣì lè mérè wá fún ẹni tó máa lò ó. Ẹ jẹ́ ká sọ pé owó ajílẹ̀, owó ọkọ̀ tó gbé e láti Kàbà dé oko, àti owó ẹni tó fọ́n ọn sí ebè, tí a bá pín wọn, jẹ́ ₦90 lórí ebè kan. Ẹ sì jẹ́ ká sọ pé ₦300 ni àgbẹ̀ ń ta kílò iṣu kan fún alájàpá tó wá rà á lóko. Bí a bá fi 300 pín 90, kílò 0.30 ló bọ́ sí. Ebè kan gbọ́dọ̀ fi kílò 0.30 lé sí i kí àgbẹ̀ tó lè rí owó tó ná gbà padà, ká má tíì sọ ti èrè. Iye tí wọ́n ń rà á lóko lẹ gbọ́dọ̀ lò, ẹ má ṣe lo iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà Lọ́kọ́ja tàbí Àbújá, torí owó yẹn kò dé ọwọ́ àgbẹ̀. Mo ti rí i nínú iṣẹ́ tó pọ̀ pé ibí yìí ni ìṣirò èrè ti ń dà bí ẹni pé ó dára ju bó ṣe rí lọ.

Ẹ wá fi kílò 0.30 síwájú ààlà wa. Ààlà náà parí sí 0.18. Kódà bí òtítọ́ bá wà ní ìparí tó dára jù, kò dé ibi tí owó ti máa padà wọlé. Lórí ẹgbẹ̀rún ebè kan, kílò 0.10 á di kílò 100, ìyẹn ₦30,000. Owó tó bá a lọ sì jẹ́ ₦90,000. Àgbẹ̀ náà pàdánù ₦60,000. Bí a bá gbé e dé 0.18, kílò 180 ni, ₦54,000, ó ṣì pàdánù ₦36,000. Ìwádìí tí p rẹ̀ jẹ́ 0.013 ti fi hàn kedere pé nǹkan yìí ń mú iṣu wúwo sí i, ó sì tún fi hàn kedere pé kí àgbẹ̀ má rà á ní iye yẹn. Èsì méjèèjì jóòótọ́ pọ̀. Ẹni tó kọ àkọ́kọ́ tó sì fi èkejì sílẹ̀ ti kó gbèsè sí ẹlòmíràn lọ́rùn.

Ẹ kíyè sí i pé 0.30 yẹn kò dúró sójú kan. Bí ìjọba bá dín owó ajílẹ̀ kù tó fi di ₦30 lórí ebè kan, ibi tí owó ti ń padà á sọ̀ kalẹ̀ sí kílò 0.10, ààrin ààlà wa gan-an, ọ̀rọ̀ náà á sì di èyí tí a kò lè dá lójú. Bí ọ̀nà oko bá bàjẹ́ tí owó ọkọ̀ sì gbówó lórí, á tún gòkè. Iye p kò ní yí padà pẹ̀lú gbogbo ìyẹn. Ó máa jẹ́ 0.013 lọ́dún yìí àti lọ́dún mẹ́wàá òní. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí orí ìjíròrò dárúkọ iye owó tó lò àti ìgbà tó gbà á sílẹ̀, kí ẹni tó bá kà á lẹ́yìn ọdún mélòó kan lè fi owó ìgbà tirẹ̀ tún un ṣírò.

Owó nìkan kọ́ sì ni. Níbi tí iyán ti jẹ́ oúnjẹ gidi, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti oníbàárà ló gbà pé iṣu tó jẹ ajílẹ̀ òyìnbó kì í gún dáadáa, kì í sì í pẹ́ nínú ọgbà iṣu kó tó jẹrà. Bóyá ó rí bẹ́ẹ̀ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀, bí alájàpá bá tìtorí ẹ̀ dín owó kù, ìdínkù náà gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò. Ìwádìí tó wọn iṣu lọ́jọ́ ìkórè nìkan kò mọ ohunkóhun nípa bí iṣu náà ṣe máa rí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta nínú ọgbà, ó sì yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká wo apá kejì, èyí tó máa ń ṣòro ju ti àkọ́kọ́ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn yẹ ìgbẹ́ adìẹ wò dípò ajílẹ̀ òyìnbó. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, àgbẹ̀ 20 ló rí bá ṣe é, mẹ́wàá mẹ́wàá nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó lo ìgbẹ́ adìẹ fi kílò 0.50 ju àwọn yòókù lọ lórí ebè kan, ìtànká náà sì jẹ́ 0.60. Ìṣirò sọ pé p = 0.079. Gbólóhùn tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé: «Ìgbẹ́ adìẹ kò ní ipa lórí iṣu.» Nígbà tí wọ́n bá sì kó ìwádìí méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n á ní: «Ajílẹ̀ òyìnbó ṣiṣẹ́, ìgbẹ́ adìẹ kò ṣiṣẹ́.»

Ààlà tó bá kílò 0.50 yẹn lọ bẹ̀rẹ̀ láti òdì 0.06 dé 1.06. Ẹ jẹ́ kí ìgbẹ́ adìẹ ná àgbẹ̀ ní ₦60 lórí ebè kan, pẹ̀lú kíkó àti fífọ́n rẹ̀. Ibi tí owó ti ń padà jẹ́ kílò 0.20. Òdo wà nínú ààlà náà, bẹ́ẹ̀ ni 0.20 àti 1.06 wà nínú rẹ̀. Èsì yìí bá ìgbẹ́ tí kò wúlò rárá mu, ó sì bá èyí tó máa fi kílò kan gbáko kún ebè kọ̀ọ̀kan mu. Ìwádìí náà kò sọ pé kò sí ipa. Kò tíì mọ̀ ni, torí oko mẹ́wàá kéré jù lójú ìtànká tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ó sì tún wà níbẹ̀ pé ìyàtọ̀ tí a rí nínú ti ìgbẹ́ adìẹ jẹ́ ìlọ́po márùn-ún ti ajílẹ̀ òyìnbó. Ká wá gbé e jù nù torí p rẹ̀ kọjá 0.05, ká sì dábàá èyí tó ń jẹ owó àgbẹ̀ torí p tirẹ̀ kò kọjá, ojú ìwé la fi tẹ́ lọ́rùn nìyẹn, a kò ro oko mọ́ ọn. Àwọn ààlà méjèèjì pàápàá bo ara wọn mọ́lẹ̀: gbogbo 0.02 dé 0.18 wà nínú òdì 0.06 dé 1.06. A kò lè sọ pé èyí ju ìyẹn lọ.

Ohun tí ìwádìí kékeré yẹn lè fi sílẹ̀ tó wúlò ni iye àgbẹ̀ tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa nílò. Ìṣirò kan wà tó rọrùn fún ìsọ̀rí méjì: ẹ fi ìyàtọ̀ tó kéré jù tó mérè wá pín ìtànká, ẹ fi èsì náà lu ara rẹ̀, kí ẹ sì fi 16 lù ú. 0.60 tí a fi 0.20 pín jẹ́ 3, 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9, 9 lọ́nà 16 jẹ́ 144. Àgbẹ̀ bíi 144 nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ló máa fún wa ní àǹfààní nǹkan bíi 80% láti rí ipa tó tó kílò 0.20 bí ó bá wà lóòótọ́, lójú òdiwọ̀n 0.05. Ẹ má ṣe fi 0.50 tí akẹ́kọ̀ọ́ náà rí ṣe ìṣirò yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbẹ̀ 23 péré ló máa bọ́ sí. Èsì ìwádìí kékeré sábà máa ń tóbi ju òtítọ́ lọ nígbà tó bá wu ojú.

Àwọn kan máa ń ronú pé àwọn ti yanjú gbogbo èyí bí wọ́n bá ti fi d ti Cohen kún un. Ìyàtọ̀ ni, tí a fi ìtànká pín. Ti ajílẹ̀ òyìnbó wa jẹ́ 0.17, wọ́n á sì kọ ọ́ pé ó kéré, torí Cohen pe 0.2 ní kékeré, 0.5 ní ààrin, 0.8 ní ńlá. Ó sàn ju p nìkan lọ, ó sì wúlò bí òṣùwọ̀n tí a lò kò bá ní ìtumọ̀ fún ará ìta, bíi máàkì ìdánwò tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ ṣe. Àmọ́ d kò mọ iye tí wọ́n ń ta iṣu. Bí ajílẹ̀ bá jẹ́ ọ̀fẹ́, 0.17 kékeré yẹn máa ṣe àgbẹ̀ láǹfààní, bó bá sì wọ́n, 0.83 ti ìgbẹ́ adìẹ lè má mú èrè kankan wá. Níbi tí a ti ní kílò àti náírà, kílò àti náírà ni ká fi sọ̀rọ̀.

Ẹ̀tàn kan ṣì wà tó ń bẹ̀rẹ̀ kí a tó dé orí ìjíròrò. Bí àgbẹ̀ 20 bá wọn ebè 30 lóko kọ̀ọ̀kan, ebè 600 ni. Ẹni tó bá to 600 sínú SPSS bí ẹni pé wọ́n dá dúró máa rí p tó kéré jọjọ, torí ẹ̀rọ gbà pé òun rí ẹ̀rí 600. Àmọ́ ebè inú oko kan jọ ara wọn: ilẹ̀ kan, òjò kan, ọwọ́ kan. Ẹ̀rí náà sún mọ́ 20 ju 600 lọ. Àmì tí ẹ fi máa mọ̀ ọ́n nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn ni `df` tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ `Sig.`, ìyẹn iye ẹ̀rí tí ẹ̀rọ kà lẹ́yìn tó bá yọ iye ìsọ̀rí kúrò: bí `df` bá jẹ́ 598 nígbà tí àgbẹ̀ kò ju 20 lọ, ààlà tó wà níbẹ̀ tóóró ju bó ṣe yẹ lọ. Ìwọ̀n àárín oko kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ tò síbẹ̀. Bí `Sig.` bá sì hàn bíi `.000`, p < 0.001 ni kí ẹ kọ. Kì í ṣe òdo.

Fún ajílẹ̀ òyìnbó, bí èmi ṣe máa kọ ìjíròrò náà nìyí: «Ajílẹ̀ òyìnbó fi kílò 0.10 kún ìwọ̀n iṣu lórí ebè kan (ààlà ìdánilójú 95%: 0.02 sí 0.18; p = 0.013, oko 900). Ní iye owó tí a gbà sílẹ̀ nígbà ìkórè, ₦90 fún ebè kan àti ₦300 fún kílò kan lóko, ebè nílò kílò 0.30 sí i kí owó tó padà. Gbogbo ààlà náà wà lábẹ́ iye yìí. A kò dábàá ajílẹ̀ náà fún àgbẹ̀ tó ń tà ní iye yẹn. Bí owó ajílẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ sí ₦30 lórí ebè kan, ó yẹ ká tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. A kò yẹ bí iṣu náà ṣe ń pẹ́ nínú ọgbà wò.»

Fún ìgbẹ́ adìẹ: «Ìyàtọ̀ kílò 0.50 la rí, ààlà rẹ̀ sì fẹ̀ (òdì 0.06 sí 1.06; p = 0.079, oko 20). Kílò 0.20 tó ń dá owó padà wà nínú ààlà náà, òdo náà sì wà níbẹ̀. Dátà yìí kò tó láti dábàá ìgbẹ́ adìẹ, kò sì tó láti kọ̀ ọ́. Ìwádìí tó ní oko bíi 144 nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ló lè sọ ọ́.»

Kílò 0.30 àti 0.20 yẹn gbọ́dọ̀ ti wà nínú orí tó ṣàlàyé ọ̀nà ìwádìí, pẹ̀lú déètì, kí ẹnikẹ́ni tó gbé òṣùwọ̀n lọ sóko. Bí a bá dúró títí èsì fi jáde ká tó yan òdiwọ̀n, ọwọ́ á máa yan èyí tó bá èsì mu. Kí ẹ sì gbé ààlà náà àti ibi tí owó ti ń padà sínú àkékúrú tó wà níwájú iṣẹ́ náà pẹ̀lú, torí ibẹ̀ nìkan ni òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn tó máa bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Ìsánlú tàbí Mọ̀pà sábà máa ń ráyè kà.